Ẹ̀bẹ̀ Ẹni Tí Ọ̀nà Dá Dúró Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó Ọ̀rẹ́

Bí Sátidé bá ti ń sún mọ́ báyìí, ojú gbogbo wa a máa wo ọ̀nà Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Àwa tí a wà lókè níbí mọ̀ pé kì í ṣe owó aṣọ ẹbí ló ń le jù fún wa nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àwọn èèyàn wa tó wà nílé. Kí a dé ibẹ̀ kí wọ́n tó máa tú àtíbàbà ló le.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kéré lójú. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ ni, èyí tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun kò lè dé ibi ìgbéyàwó nítorí ọ̀nà. Ó lè dà bíi pé kí ló wà nínú ìyẹn tí a ó fi odidi ojú ìwé ìròyìn sọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí aránṣọ kan tó ń gbé ní àdúgbò wa wọlé tọ ìyàwó mi wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, tó ń sunkún bí ẹni pé òkú kú. Ó ní ọ̀rẹ́ òun láti kékeré kò gbé fóònù òun mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí, ó ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ òun.

Ojúlé kan náà ni wọ́n bí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àwọn méjèèjì. Ẹ sì mọ̀ pé àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò kéré nílùú yìí láti ayé ìwakùsà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síṣẹ́ ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti rí ọkọ, wọ́n sì dá ìgbéyàwó sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, aago kan ọ̀sán ní gbàgede ìjẹun. Aránṣọ wa yìí ló rán aṣọ òkè tí ìyàwó yóò pààrọ̀ sí ní gbàgede: ìró, bùbá, gèlè àti ìborùn. Agbádá ọkọ ìyàwó jẹ́ irú kan náà, àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn wà lọ́wọ́ ọkọ ní Ìbàdàn. Ti ìyàwó nìkan ló wà ní Jọ́ọ̀sì, nínú báàgì aránṣọ.

Ọjọ́bọ̀ ló sọ pé òun yóò gbéra. Oníbàárà kan dé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé mẹ́rin, ó ní òun yóò san ìlọ́po owó bí òun bá rí i gbà lálẹ́. Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ. Ó di ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́fà ìdájí, kó tó dé gáréèjì, ó di aago méje ààbọ̀ kí ọkọ̀ tó kún. Wọ́n gba Akwanga, wọ́n gba Kẹ́fì, wọ́n yí Àbújá kọjá, wọ́n dé Sùlèjá, wọ́n sì yà ní Lámbátà sí ọ̀nà Lapai. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn lásìkò òjò ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Gbogbo ọkọ̀ agbépo àti tírélà tó ń bọ̀ láti Èkó lọ sí Àríwá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà, wọ́n sì ti tẹ ọ̀nà náà di kòtò. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láàárín Lapai sí Agaye, gbogbo ọkọ̀ dúró. Tírélà kan ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níwájú, òmíràn fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó rì sínú ẹrẹ̀. Ọ̀nà dí pátápátá.

Ibẹ̀ ni wọ́n sùn. Awakọ̀ ní òun kò ní gba inú ìgbẹ́ lálẹ́, ta ni yóò sì bá a wí? Lágbègbè Agaye yìí kan náà ni ọkọ̀ agbépo àti tírélà tó kó èèyàn àti màlúù ti kọlu ara wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí iná sì jó ọ̀pọ̀ èèyàn pa. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, agbépo mìíràn ṣubú ní ìkóríta Dikko nítòsí Sùlèjá, àwọn tó lọ bu epo ibẹ̀ kò padà délé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń dá ẹni tó sùn sójú ọ̀nà lẹ́bi. Ẹni tó bá sùn tó sì jí níbẹ̀ ti jàjàbọ́.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé ni ọ̀nà tó là. Fóònù aránṣọ ti kú láti òru. Nígbà tí wọ́n dé Bídà ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, ó rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù, ó tan tirẹ̀, ó sì fi èyí ránṣẹ́ sí ìyàwó:

"Ore mi ma binu oko baje lona. Olorun a se ile re ni ile ayo. A o maa ba yin yo."

Ó di aago mẹ́jọ alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti ká àga. Ìyàwó àti ọkọ ti forí lé Ìbàdàn. Ìyá ìyàwó gba aṣọ òkè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó ṣeun, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí "ó ṣeun" ìyá Yorùbá ṣe máa ń rí nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà dáadáa, nítorí pé irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ kan, "oko". Aránṣọ kọ ọ́ láìsí àmì, bí gbogbo wa ti ń ṣe lórí fóònù. Ọkọ̀ ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n fóònù ìyàwó kò sí lọ́wọ́ ìyàwó lọ́jọ́ náà. Ta ni ìyàwó tó ń mú fóònù dání níwájú pẹpẹ? Ọwọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló wà. Ìyá yìí ka ọ̀rọ̀ náà sókè láàárín àwọn èèyàn pé "ọkọ bàjẹ́ lọ́nà". Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ kò rẹ́rìn-ín o. Ó ní ọkọ ta ló bàjẹ́, lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ òun? Wọ́n tún un kà, wọ́n tún un tò, ó tó ìgbà díẹ̀ kí ẹnìkan tó sọ pé ọkọ̀ ìrìnnà ni. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n tó béèrè pé aṣọ ìyàwó ń kọ́?

Èmi kò ní bá àwọn tó ń kọ Yorùbá láìsí àmì lórí fóònù jà, torí mo mọ ohun tó fà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 bí kò bá sí àmì kankan nínú rẹ̀. Bí ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan bá ti wọ inú rẹ̀, ìwọ̀n náà já wálẹ̀ sí 70, nítorí pé lẹ́tà wọ̀nyí kò sí nínú àkójọ lẹ́tà tí wọ́n fi dá ètò àtẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀, fóònù á sì ní láti gba ọ̀nà mìíràn tó gba àyè jù. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá 70, á pín sí méjì, á pín sí mẹ́ta, wọ́n á sì gba owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kódà, àmì ohùn tó wà lórí ọ̀ tún ń ka ara rẹ̀ sí ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ẹni tí káàdì rẹ̀ kò tó nǹkan kò ní kọ àmì. Ó yé mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó yan ọ̀rọ̀ tí kò nílò àmì. Bí aránṣọ bá kọ "moto", kò sí ìyá ọkọ tí yóò fajú ro. Bí a bá fẹ́ sọ pé ọ̀nà dí, kí a kọ pé "tirela subu, a o le koja". Ẹni tó bá kà á kò ní ṣì í mú. Lórí Wáṣáàpù, wọn kì í ka lẹ́tà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí náà kò sí àwáwí níbẹ̀.

Ohun kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ kò bàjẹ́. Ẹ wo ìtàn náà padà: láti Jọ́ọ̀sì dé Ògbómọ̀ṣọ́, táyà kan kò jò. Mo bi aránṣọ pé kí ló dé tó fi kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ti rẹ̀, "oko baje" yá, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. "Ọkọ̀ bàjẹ́" ti di gbólóhùn tí a ń ju sílẹ̀ bí a bá pẹ́ dé ibikíbi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Jímọ̀ kan náà, ìbátan ìyàwó kan gbéra láti Jọ́ọ̀sì níbí, ọkọ̀ tirẹ̀ gba Lọ́kọ́ja àti Kàbà, ó sì ti dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní ọ̀nà dára, òun kò rí ìdíwọ́ kankan. Kò purọ́, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ ni. Bí aránṣọ bá kọ pé láàárín Lapai sí Agaye ni tírélà ti dí ọ̀nà, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò ní takora. Ṣùgbọ́n "oko baje" kò dárúkọ ibì kan, nítorí náà ìyàwó gbà pé ọ̀rẹ́ òun kò tilẹ̀ kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àwọn bàbá wa tó bá rélùwéè wá sókè níbí, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, wáyà ni wọ́n ń tẹ̀ bí ohunkóhun bá dá wọn dúró. Iye ọ̀rọ̀ inú wáyà ni wọ́n fi ń sanwó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye. Bàbá tèmi a máa sọ pé bí èèyàn bá fẹ́ tẹ wáyà, ohun mẹ́ta ló ń fi sínú rẹ̀: ibi tó wà, ọjọ́ tó ń bọ̀, àti ibi tí ẹrù wà. Kò sẹ́ni tó ń fi owó rẹ̀ gbàdúrà nínú wáyà.

Èyí ló mú mi dé ohun kẹta, tí mo kà sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ìfitónilétí yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀. Ìfitónilétí ni èyí tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ti rí i pé òun kò ní bá ọjọ́ náà, kí àwọn tó ń retí rẹ̀ lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ẹ̀bẹ̀ dúró di ẹ̀yìn ayẹyẹ. Bí a bá kó méjèèjì pọ̀, ìfitónilétí á pẹ́ jù, ẹ̀bẹ̀ á sì yá jù.

Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun kò ní bá a? Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà mọ àmì rẹ̀. Bí ẹ bá dúró, ẹ wo apá kejì ọ̀nà. Bí ọkọ̀ ṣì ń bọ̀ láti iwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó túmọ̀ sí pé àyè kékeré kan ṣì wà, ẹ ó kọjá láìpẹ́ jọjọ. Bí ọkọ̀ kankan kò bá bọ̀ láti iwájú fún bíi wákàtí kan, ọ̀nà ti dí tọ̀tún tòsì. Bí àwọn awakọ̀ tírélà bá ti tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ wọn, tí àwọn ọmọ abúlé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi àti ẹ̀pà wá, àwọn wọ̀nyẹn mọ ohun tí wọ́n mọ̀, oorun ti dé nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí èèyàn ka wákàtí sẹ́yìn. Láti Agaye dé Bídà, dé Mọ́kwà, kọjá afárá Jẹ́bà, dé Ìlọrin, dé Ògbómọ̀ṣọ́, bí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́ yìí, kò lè dín ní wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá tíì kúrò níbẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí Sátidé kò ní bá aago kan ọ̀sán. Nígbà tí awakọ̀ sọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ Jímọ̀ pé ilẹ̀ yóò mọ́ bá wọn níbẹ̀, ìṣirò ti parí.

Aránṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bi í, ó sì jẹ́wọ́ fún mi. Bátìrì fóònù rẹ̀ ṣì ní díẹ̀ ní aago mẹ́jọ yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ ìbá wọlé. Kí ló dé tí kò fi kọ ọ́? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ da ọkàn rẹ̀ láàmú lálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ fẹ́ mọ́." Àánú ló fi ṣe é. Síbẹ̀, àánú yẹn ló ṣe ìpalára jù. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ Jímọ̀ dé aago kan ọ̀sán Sátidé, wákàtí mẹ́tàdínlógún ni. Ní ìlú bí Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá ìyàwó ìbá ti rí aṣọ òkè tó jọ ti ọkọ yá, tàbí kí ọkọ fi agbádá mìíràn wá. Nígbà tí wọn kò gbọ́ nǹkan, wọ́n dúró. Ìyàwó fi aṣọ aláwọ̀ mìíràn wọ gbàgede, ọkọ wọ agbádá tirẹ̀, gbogbo fọ́tò sì wà níbẹ̀ tí kò ṣeé parẹ́.

Bí ó bá jẹ́ èmi, n kò ní fi ìfitónilétí yẹn ránṣẹ́ sí ìyàwó rárá. Ẹni tí ọ̀ràn kàn gan-an ni yóò gbà á: ìyá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bójú tó aṣọ. Ìpè ni kí a fi pe ìyá, torí pé ọmọdé kì í kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àgbàlagbà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí àfi bí ìpè kò bá wọlé. Bí kò bá sì wọlé, ìlà méjì tó: "Ma, emi aranso ni. Tirela di ona ni Agaye, a n sun sibi, n ko le de ki won to jeun lola. Aso iyawo wa lowo mi, e jowo e ba a wa omiran." Ó parí. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ ju "ẹ jọ̀wọ́" lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò bínú sí i. Kí ó fi ránṣẹ́ sí èèyàn méjì, nítorí pé àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sí fóònù tí wọ́n pa á dúró síbi kan títí wọn yóò fi tan fóònù náà, ìgbà yẹn ni yóò tó wọlé.

Nísinsìnyí, ẹ̀bẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé tí aránṣọ wá, ó ti kọ òmíràn sínú fóònù rẹ̀, ó fẹ́ kí n wò ó. Ó gùn. Ó sọ nípa ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́ mọ́jú, ebi tó pa á, ọmọ ọwọ́ tó sunkún nínú ọkọ̀, owó tó ná ní Bídà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Mo ní kí ó yọ ọ́. Ẹni tí a ń bẹ̀ kò gbọdọ̀ di ẹni tí yóò máa kí wa kú ìyà. Bí ìyàwó bá fẹ́ gbọ́ ti ẹ̀fọn, yóò béèrè lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ó sì jọ fi ṣe ẹ̀rín.

Àdúrà kún inú rẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní kí ó yọ ìyẹn náà, ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti bá mi jà díẹ̀, ó ní báwo ni ọmọ Yorùbá yóò ṣe kọ̀wé sí ìyàwó tuntun láìṣàdúrà fún un. Mo ní kí ó ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó wà lọ́tọ̀, lọ́jọ́ mìíràn. Àdúrà tó bá wà nínú ẹ̀bẹ̀ ń fipá gba àmín lẹ́nu ẹni tí inú ń bí, àmín yẹn á sì dà bí ìdáríjì. Títí di òní, ìyàwó mi kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí.

Nípa "má bínú", ọ̀rọ̀ tó dára ni láàárín ẹni tó ṣèèṣì tẹ ẹnìkejì lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀ràn bí èyí, ẹni tí a ṣẹ̀ la tún ń sọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe fún. Mo fẹ́ràn kí èèyàn sọ ohun tí òun ṣe, kí ó sì tọrọ àforíjì.

Ohun tí òun ṣe dà? Ìbéèrè yìí ló pa aránṣọ lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe òun ló ti tírélà ṣubú. Kì í ṣe òun ló ba ọ̀nà Agaye jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa á dúró síbẹ̀, a ó ní ọ̀nà ni, ìjọba ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé òkè yìí mọ ọ̀nà yẹn. A mọ̀ pé ẹni tó bá gbéra ní Jímọ̀ fún ìgbéyàwó Sátidé ń ta tẹ́tẹ́ ni. Ọjọ́bọ̀ ló ṣèlérí, owó aṣọ ilé ìwé mẹ́rin ló sì mú un yẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà, àti nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́, àti nínú irọ́ "oko baje". Tírélà kò sí lára rẹ̀. Kò fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ owó yẹn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun yóò rí òun bí olójúkòkòrò. Mo ní bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ńkọ́? Oníbàárà náà kò ní pa á mọ́ sínú, ìlú Jọ́ọ̀sì kò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ fún àwa Yorùbá.

Ó jókòó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ń sọ ọ́, èmi ń tẹ̀ ẹ́ sórí Wáṣáàpù pẹ̀lú àmì rẹ̀, nítorí pé fóònù tèmi ní lẹ́tà Yorùbá, mo sì darí rẹ̀ sí tirẹ̀. Bó ṣe rí nìyí:

"Ọ̀rẹ́ mi, n kò dé ibi ìgbéyàwó rẹ, aṣọ òkè rẹ kò sì dé lásìkò. Mo sọ fún ọ pé Ọjọ́bọ̀ ni mo máa gbéra, mi ò gbéra. Oníbàárà kan gbé aṣọ ilé ìwé wá, mo fẹ́ owó ibẹ̀, mo sì sún ìrìn àjò mi sí Jímọ̀. Tírélà dí ọ̀nà láàárín Lapai sí Agaye, a sùn síbẹ̀. Mọ́tò wa kò bàjẹ́, irọ́ ni mo kọ. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ Jímọ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò ní bá a, ó sì yẹ kí n sọ kí o lè wá aṣọ mìíràn. Mi ò sọ. O fi aṣọ tí kò bá ti ọkọ rẹ mu jókòó nítorí tèmi, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Aṣọ náà wà lọ́wọ́ Màmá. Owó iṣẹ́ tí o san, mo ti dá a padà sínú àkáǹtì rẹ lónìí. Mo tọrọ àforíjì. Ìgbàkígbà tí o bá fẹ́ dá mi lóhùn ni kí o dá mi lóhùn."

Ẹ ó rí i pé "o" ló ń pè é, kò pè é ní "ẹ". Ẹgbẹ́ ni wọ́n, bí ó bá lọ́ ọ̀rọ̀ náà sí "ẹ" nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di ìyàwó ilé, yóò dà bí ẹ̀gún. Ó pe ọkọ lọ́tọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ìyá ìyàwó kò gba àtẹ̀jíṣẹ́ rárá. Àǹtí aránṣọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló bá a lọ kúnlẹ̀, pẹ̀lú iṣu mélòó kan. N kò mọ iye iṣu.

Nípa owó tó dá padà, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ó ti pọ̀ jù, torí pé iṣẹ́ ni ó ṣe, aṣọ sì dé ní ìkẹyìn. Èmi gan-an kọ́ ló ní kí ó ṣe é, òun ló sọ ọ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ nítorí pé owó aṣọ ilé ìwé ló tà á. Bí ó bá jẹ́ pé òun kò rán nǹkan kan, tí ó kàn jẹ́ àlejò tí ọ̀nà dá dúró, ìyẹn kò ní pọn dandan.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí èsì tó dé. Mo ti ń rò ó pé bóyá mo ti kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé fóònù wá hàn wá:

"Mo ti kà á. Inú ṣì ń bí mi. Mo dúpẹ́ pé o sọ ti Ọjọ́bọ̀ yẹn, torí wọ́n ti sọ fún mi kí o tó sọ. Màmá fi aṣọ ránṣẹ́ sí mi, èmi àti ọkọ mi máa fi ya fọ́tò mìíràn. Àbúrò mi fẹ́ gbéyàwó ní oṣù kejìlá. Ìwọ ni mo fẹ́ kó rán tèmi."

Aránṣọ ti lọ sí gáréèjì láti bi wọ́n bóyá ọkọ̀ wà ní Ọjọ́rú, èyí tó ń gba ọ̀nà Kàbà.